Láti inú èsì SPSS dé àtẹ jọ́nà: àkọsílẹ̀ lórí fáìlì òṣìṣẹ́ 474

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ka ìwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òṣìṣẹ́, ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ni iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó ṣí fáìlì `Employee data.sav`, èyí tí ó máa ń bá SPSS wá nínú fódà `Samples`, kí ó sì fi ṣe irú àtẹ tí jọ́nà máa ń fi síwájú àwọn àtẹ yòókù, ìyẹn àtẹ tí ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ irú ènìyàn tí ìwádìí dá lé lórí kí ó tó dé ibi ìdánwò èyíkéyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ya àwòrán èsì tí SPSS gbé jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé Word, ó sì fi ránṣẹ́. Olùkọ́ dá a padà. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Iṣẹ́ wo ni 1.41?”

“Ẹ̀gbọ́n, SPSS fúnra rẹ̀ ló gbé nọ́ńbà yẹn jáde o, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́,” ni ó wí nígbà tí ó gbé e wá bá mi. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí SPSS máa ń ṣírò ohunkóhun tí a bá gbé fún un, kì í béèrè bóyá ìṣirò náà ní ìtumọ̀. Ẹni tí yóò ṣe àtẹ ni ó gbọ́dọ̀ béèrè. Mo kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní SPSS lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣí fáìlì kan náà kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti ń kà á.

Ohun tí ó ti ṣe ni pé ó lọ sí `Analyze`, ó yan `Descriptive Statistics`, lẹ́yìn náà `Descriptives`, ó sì kó gbogbo fáríábù tí ó rí nínú àpótí òsì sínú àpótí ọ̀tún. Àtẹ tí ó jáde ní òpó márùn-ún: `N`, `Minimum`, `Maximum`, `Mean` àti `Std. Deviation`. Ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti `id`, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ 237.50. Nọ́ńbà yìí kò sọ ohunkóhun nípa òṣìṣẹ́ kankan. A kà wọ́n láti 1 dé 474, àárín 1 àti 474 kò sì lè jẹ́ ohun mìíràn ju 237.50 lọ. Ìlà yẹn ni a kọ́kọ́ yọ.

Ìlà `jobcat` ni ti 1.41 tí olùkọ́ fa ìlà sí. Nínú fáìlì náà, 1 dúró fún akọ̀wé, 2 dúró fún àwọn tí ń tọ́jú ilé iṣẹ́, 3 sì dúró fún ọ̀gá. Nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ orúkọ tí a fi dípò orúkọ, wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ to fáìlì náà bá ti fi 1 fún ọ̀gá tí ó sì fi 3 fún akọ̀wé, òṣìṣẹ́ kankan kò ní kúrò níbi tí ó wà, síbẹ̀ àròpín yóò di 2.59. Nọ́ńbà tí ó lè yí padà báyìí nígbà tí ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò yí padà kò gbọ́dọ̀ wọ àtẹ. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ ni iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ìdá wọn nínú ọgọ́rùn-ún, `Frequencies` ni ó sì ń pèsè ìyẹn, kì í ṣe `Descriptives`.

Ìlà `minority`, tí ó ń sọ bóyá òṣìṣẹ́ wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye, yàtọ̀ díẹ̀. Òdo dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, 1 dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ .22. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé 0 àti 1 nìkan ni a lò, àròpín kò ṣàì ní ìtumọ̀, ó jẹ́ ìdá àwọn tí ó jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n mo rò pé kò yẹ kí a jẹ́ kí òǹkàwé ṣe ìtumọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ nígbà tí a lè kọ 104 (21.9%) fún un ní tààrà.

Ẹ óò sì ṣàkíyèsí pé `gender` kò sí nínú àtẹ rẹ̀ rárá. Kò gbàgbé rẹ̀. Lẹ́tà `m` àti `f` ni a fi kọ ọ́ sínú fáìlì, `Descriptives` kì í sì í fi fáríábù tí ó jẹ́ lẹ́tà hàn nínú àpótí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè parí àtẹ rẹ̀ láìsọ iye ọkùnrin àti obìnrin, kí ó má sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìlà `Valid N (listwise)` wà, tí ó ka 473. Ìlà yìí ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàmú, wọ́n sì máa ń gbé e lọ sínú jọ́nà bí ó ti wà. Iye ènìyàn tí gbogbo fáríábù tí a yan pé fún láìsí àlàfo kan ni ó ń sọ. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣófo nínú `bdate`, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti kó `bdate` mọ́ àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tí ó fi dín ní ẹyọ kan. SPSS kò lo 473 yìí fún àròpín àwọn fáríábù mìíràn, 474 ni ó lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí òpó `N` ti fi hàn. Tí a bá wá kọ N = 473 sí orí àtẹ, a ti parọ́ fún òǹkàwé láìmọ̀. Nígbà tí a yọ `bdate`, ìlà náà padà sí 474, a sì yọ ìlà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni a tún ìṣirò ṣe. Mo ní kí ó má fi máòsì yan nǹkan mọ́, kí ó kọ àṣẹ sínú fèrèsé `Syntax`, nítorí pé àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ ni a lè tún ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí a sì rí èsì kan náà:

```
FREQUENCIES VARIABLES=gender jobcat minority.
DESCRIPTIVES VARIABLES=educ salary jobtime prevexp
  /STATISTICS=MEAN STDDEV MIN MAX.
FREQUENCIES VARIABLES=educ salary jobtime prevexp
  /FORMAT=NOTABLE
  /NTILES=4
  /STATISTICS=MEDIAN SKEWNESS SESKEW.
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, ìkejì jẹ́ ti òṣùwọ̀n, ìkẹta sì ń mú iye tí ó wà ní àárín gbùngbùn wá, pẹ̀lú ibi tí a ti pín àwọn ènìyàn sí ìdá mẹ́rin. `NOTABLE` ṣe pàtàkì nínú àṣẹ kẹta. Láìsí i, SPSS yóò to gbogbo owó iṣẹ́ tí ó wà nínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni yóò sì gùn lọ bẹ́ẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ kò mú ìṣòro wá. Òpó `Percent` àti òpó `Valid Percent` bára mu nínú rẹ̀ nítorí pé kò sí àlàfo nínú fáríábù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, `Percent` ti ka àwọn tí kò dáhùn mọ́ àpapọ̀, `Valid Percent` kò kà wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tí a lò. A pinnu pé fáríábù mẹ́ta kò tó ohun tí a ń ṣe àtẹ fún, nítorí náà a kọ wọ́n sí gbólóhùn nínú abala tí ó ń ṣàpèjúwe àwọn ènìyàn inú ìwádìí: nínú òṣìṣẹ́ 474, ọkùnrin jẹ́ 258 (54.4%), obìnrin sì jẹ́ 216 (45.6%), akọ̀wé jẹ́ 363 (76.6%), olùtọ́jú ilé iṣẹ́ jẹ́ 27 (5.7%), ọ̀gá sì jẹ́ 84 (17.7%), àwọn tí ó wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀ jẹ́ 104 (21.9%). Kí a tó lọ síwájú, a ro ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ láti rí i pé ó pé 474. Ìṣirò kékeré yìí máa ń tú àṣìkọ fó kí olùyẹ̀wò jọ́nà tó rí i.

Èsì kejì ni ó gba àkókò wa jù, `prevexp` ni ó sì fà á, ìyẹn iye oṣù tí òṣìṣẹ́ ti fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn kí ó tó dé ibi iṣẹ́ yìí. Ní òpó `Minimum`, níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà wà, ọ̀rọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: `missing`. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé SPSS ni ó ń sọ fún òun pé kò rí iye tí ó kéré jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó to fáìlì náà ti fi ọ̀rọ̀ `missing` ṣe àmì fún 0 nínú òpó `Values` ní `Variable View`, SPSS sì gbé àmì náà síta dípò 0. Ṣùgbọ́n òpó tí ó jẹ́ `Values` kì í pàṣẹ ìṣirò, orúkọ lásán ni ó ń fún nọ́ńbà. Òpó tí ń pàṣẹ ni `Missing`, a kò sì kọ 0 síbẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé `N` ṣì jẹ́ 474: bí SPSS bá ti ka òdo sí àlàfo ni, `N` ìbá ti dín, 0 kì bá sì ti jẹ́ iye tí ó kéré jù.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àròpín 95.86 ti ka gbogbo òdo wọ̀nyẹn mọ́ra. Tí a bá kéde wọn gẹ́gẹ́ bí àlàfo, pẹ̀lú àṣẹ `MISSING VALUES prevexp (0).`, àpapọ̀ oṣù kò ní yí padà, nítorí òdo kò fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tí a fi pín in yóò dín, àròpín yóò sì gòkè. Èwo ni ó tọ̀nà? Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí kí ó tó dé ibẹ̀ yóò ní òdo oṣù ní òótọ́, ẹni tí kò kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù náà sì lè ní òdo tí ó jẹ́ àlàfo. Fáìlì nìkan kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwádìí tirẹ̀ ni, yóò padà sí fọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn kọ. Nínú èyí, olùkọ́ gbà pé kí a jẹ́ kí òdo dúró bí ìṣirò ṣe rí i, kí a sì sọ bẹ́ẹ̀ kedere lábẹ́ àtẹ. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí a yan ọ̀kan kí a sì dákẹ́.

`prevexp` kan náà tún fi nǹkan mìíràn hàn. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 95.86, ìwọ̀n ìyapa rẹ̀ jẹ́ 104.586. Oṣù iṣẹ́ kò lè lọ sísàlẹ̀ òdo, nítorí náà nígbà tí ìyapa bá ju àròpín lọ báyìí, a ti mọ̀ láìwo àwòrán kankan pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní ìsàlẹ̀, tí àwọn díẹ̀ tí ìrírí wọn gùn gan-an sì fa àròpín lọ sókè. Iye àárín gbùngbùn jẹ́ 55, ó sì sún mọ́ bí òṣìṣẹ́ púpọ̀ ṣe rí ju 95.86 lọ.

Ti `salary` fara sin díẹ̀, nítorí ìyapa rẹ̀ kò ju àròpín. Àròpín owó iṣẹ́ jẹ́ 34,419.57 dọ́là, ìyapa jẹ́ 17,075.661. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ ìlọ́po méjì ìyapa kúrò nínú àròpín. Ó kù dọ́là 268 àti díẹ̀. Bí owó iṣẹ́ bá tò lọ́gbọọgba lọ́tùn-ún lósì àròpín, a óò máa retí àwọn tí ń gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú fáìlì ń gba 15,750, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù sì ń gba 135,000. `Skewness` tí ó jáde nínú èsì kẹta jẹ́ 2.125, nígbà tí ó yẹ kí ó wà nítòsí 0 fún ohun tí ó tò lọ́gbọọgba. Àárín gbùngbùn jẹ́ 28,875, tí ó dín sí àròpín ní ohun tí ó ju 5,500 dọ́là lọ. Àwọn jọ́nà kan máa ń fẹ́ àròpín àti ìyapa nìkan fún gbogbo ìlà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá fi bẹ́ẹ̀ nìkan ṣàpèjúwe owó iṣẹ́ yìí ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí náà a fi òpó àárín gbùngbùn kún àtẹ fún gbogbo ìlà, a sì kọ ibi tí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà láàárín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí fún owó iṣẹ́ sí abẹ́ àtẹ.

Lórí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yìí, tí ó wá láti inú pípín àwọn ènìyàn sí ìdá mẹ́rin, ohun kan wà tí ó tọ́ kí a mọ̀. SPSS fún wa ní 24,000 àti 37,162.50. Ẹni tí ó bá ṣí fáìlì kan náà nínú R tí ó sì lo `summary()` yóò rí nǹkan bí 36,938 fún èyí tí ó kẹ́yìn. Kò sí èyí tí ó ṣìṣe nínú méjèèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wá ààyè tí ó wà láàárín ènìyàn méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, kí a máa dárúkọ ètò tí a fi ṣírò nínú iṣẹ́ wa, kí olùyẹ̀wò tí ó bá lo òmíràn má baà rò pé a tún nọ́ńbà kọ.

Ó wá ku ẹ̀yìn ààmì ìdá. SPSS máa ń kọ àròpín pẹ̀lú ààyè méjì ju ti fáríábù fúnra rẹ̀ lọ, ó sì máa ń kọ ìyapa pẹ̀lú mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí òpó méjèèjì kì í fi í dọ́gba. Jọ́nà tí ó ń tẹ̀lé ìlànà APA sábà máa ń fẹ́ méjì fún méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wo ìyapa ọdún ẹ̀kọ́, ó rí 2.885, ó sì sọ ọ́ di 2.89 gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa nílé ìwé pé 5 ń gbé nọ́ńbà sókè. Mo ní kí ó tẹ àtẹ náà lẹ́ẹ̀mejì nínú fèrèsé èsì títí yóò fi ṣí, kí ó sì tún tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.8848. Nítorí náà 2.88 ni ó tọ́. SPSS ti gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan kí a tó rí i, a sì fẹ́ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì. Níbikíbi tí nọ́ńbà tí ó hàn bá ti parí sí 5, kí a ṣí i wò kí a tó gé e.

Fún owó iṣẹ́, a kò lo ààyè kankan lẹ́yìn ààmì ìdá. Kọ́bọ̀ dọ́là kò wúlò fún òǹkàwé nígbà tí ìyapa fúnra rẹ̀ ju 17,000 lọ. A sì yọ ààmì `$` tí SPSS fi síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, a kọ dọ́là lẹ́ẹ̀kan sí orúkọ ìlà. Bákan náà, SPSS máa ń yọ òdo tí ó wà níwájú ààmì ìdá, ó ń kọ .773 fún ìyapa `jobcat`. APA fàyè gba yíyọ òdo yìí fún ohun tí kò lè ju 1 lọ, bí ìbáṣepọ̀ `r` tàbí iye `p`. Ìyapa lè ju 1 lọ, nítorí náà tí a bá nílò irú rẹ̀ nínú àtẹ, 0.77 ni a óò kọ.

Àwòrán kọ́ ni a fi ṣe àtẹ tí ó kẹ́yìn. Word ni a ti fa àtẹ tuntun, a tẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀, a yọ gbogbo ìlà tí ó dúró lóòró, a sì fi mẹ́ta péré sílẹ̀ lára àwọn tí ó sùn: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́ orúkọ àwọn òpó, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà àtẹ wà lókè ní lẹ́tà tí ó dúdú, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ní lẹ́tà tí ó dagun. Orúkọ fáríábù bí `prevexp` kò gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Bí ó ṣe rí nìyí:

**Àtẹ 1**

*Àpèjúwe Òṣìṣẹ́ Nípa Ẹ̀kọ́, Owó Iṣẹ́ àti Ìrírí (N = 474)*

| | *M* | *SD* | *Mdn* | Kéré jù | Pọ̀ jù |
|---|---:|---:|---:|---:|---:|
| Ẹ̀kọ́ (ọdún) | 13.49 | 2.88 | 12 | 8 | 21 |
| Owó iṣẹ́ (dọ́là) | 34,420 | 17,076 | 28,875 | 15,750 | 135,000 |
| Ìgbà tí a ti gbà á síṣẹ́ (oṣù) | 81.11 | 10.06 | 81 | 63 | 98 |
| Ìrírí ìṣáájú (oṣù) | 95.86 | 104.59 | 55 | 0 | 476 |

*Àkíyèsí.* *M* = àròpín; *SD* = ìwọ̀n ìyapa; *Mdn* = iye àárín gbùngbùn. Ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà láàárín ń gba owó iṣẹ́ tí ó wà láti 24,000 sí 37,163 dọ́là. Òdo tí fáìlì fi àmì àlàfo sí nínú ìrírí ìṣáájú wà nínú ìṣirò. SPSS ni a fi ṣe gbogbo ìṣirò.

Lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀nà tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti inú èsì SPSS sókè, òun sì ń wo Word. Ó ti tẹ 10.60 fún 10.06 ní ìlà kẹta, ibẹ̀ ni a ti rí i. Irú èyí ni ó léwu jù nínú títẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí 10.60 kò jọ àṣìṣe lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní ìlà púpọ̀ lè tẹ èsì náà ní bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, kí ó yan `Copy Special`, kí ó gbé e lọ sínú Excel, kí ó sì tò ó níbẹ̀ kí ó tó gbé e sí Word. Fún ìlà mẹ́rin, kíkà á sókè tó.

Olùkọ́ gba àtẹ náà, ó sì béèrè ohun kan péré: kí a tún un ṣe fún ọkùnrin àti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí pé àṣẹ ti wà nílẹ̀, ìlà díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi síwájú rẹ̀ kí ó tó tún un ṣe:

```
SORT CASES BY gender.
SPLIT FILE SEPARATE BY gender.
```

Ó sì fi `SPLIT FILE OFF.` sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí gbogbo ìṣirò tí ó bá ṣe lẹ́yìn náà má baà máa pín sí méjì.